Lẹ́tà Kékeré fún VPN: Ohun tí Ẹ̀ka Kọ̀ǹpútà Fẹ́ Rí Nínú Rẹ̀

Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ ti Twitter pa ní Nàìjíríà ní oṣù Kẹfà ọdún 2021, àwọn tí kò gbọ́ orúkọ VPN rí di ẹni tó ní in lórí fóònù. Wọn kò ṣí Twitter padà títí di oṣù Kìíní ọdún 2022, nígbà yẹn ọ̀rọ̀ náà ti wọ̀ wá lẹ́nu. Ohun tí ọ̀pọ̀ wa mú nínú rẹ̀ ni pé VPN ni áàpù tí èèyàn fi ń wọ ibi tí wọ́n bá tì.

Ìyẹn ló fà á tí ọ̀rọ̀ fi máa ń dojú rú nígbà tí òṣìṣẹ́ bá fẹ́ máa ṣiṣẹ́ láti ilé. Ọ̀gá á ní, "Lọ gba VPN lọ́wọ́ àwọn ará IT." Àwọn yẹn á ní kí ó kọ lẹ́tà. Òṣìṣẹ́ á wò ó pé kí ni lẹ́tà ń ṣe níbẹ̀, nígbà tí VPN ọ̀fẹ́ wà lórí fóònù òun. Á wá kọ ìlà kan péré: "Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ VPN." Ọ̀sẹ̀ á kọjá, kò ní rí èsì, á sì gbà pé ńṣe ni wọ́n ń fi òun ṣeré. Lójú tèmi, ìlà kan yẹn ló ń dá iṣẹ́ dúró, torí kò dáhùn ìbéèrè kankan tí ẹ̀ka kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ mọ ìdáhùn rẹ̀ kí wọ́n tó lè fọwọ́ kan nǹkan.

Kí ni VPN ọ́fíìsì, kí ló sì fi yàtọ̀ sí ti orí fóònù?

Ẹ fojú wo ọ́fíìsì bí agboolé tí wọ́n mọ ògiri yí ká. Ẹ̀rọ tó ń tọ́jú fáìlì, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, kọ̀ǹpútà tí áàpù ìṣirò owó wà lórí rẹ̀, inú agboolé ni gbogbo wọn ń gbé. Ẹni tó bá wà nínú ilé nìkan ni wọ́n ń dá lóhùn. Àdírẹ́sì tí wọ́n ń jẹ́, irú èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú `10.` tàbí `192.168.`, kò ní ìtumọ̀ kankan ní ìta. Bí ẹ bá jókòó sílé tí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ sórí láptọ́ọ̀pù yín, kò ní gbé yín dé ọ́fíìsì, bó ti wù kí dátà yín pọ̀ tó.

VPN ọ́fíìsì ni ẹnubodè agboolé yẹn. Áàpù kékeré kan á wà lórí láptọ́ọ̀pù yín, ẹ̀rọ kan á sì wà ní ọ́fíìsì tó ń dúró dè é. Bí ẹ bá ti sọ ẹni tí ẹ jẹ́, tí ẹ̀rọ náà sì gbà, àwọn méjèèjì á jọ máa sọ̀rọ̀ ní èdè ìkọ̀kọ̀ tí ẹlòmíì kò lè kà lójú ọ̀nà. Ilé-iṣẹ́ tó ń ta dátà fún yín á rí i pé ẹ ń bá ọ́fíìsì sọ̀rọ̀, á sì mọ bí dátà tí ẹ lò ṣe pọ̀ tó, ṣùgbọ́n kò ní mọ ohun tó wà nínú fáìlì. Lẹ́yìn náà ni ọ́fíìsì á fún láptọ́ọ̀pù yín ní àdírẹ́sì tirẹ̀, láti ìgbà yẹn lọ ó ti di ará ilé.

VPN ọ̀fẹ́ tí a kó sórí fóònù ní ọdún 2021 kò ṣe irú iṣẹ́ yìí. Òun ń gbé yín lọ sí ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ kan tí ẹ kò mọ̀, tó ṣeé ṣe kó wà ní òkè òkun, ibẹ̀ ni ẹ sì ti máa jáde sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Kò mọ ọ́fíìsì yín, kò sì lè wọ ibẹ̀. Àní bí ẹ bá tan án mọ́ ti ọ́fíìsì lórí láptọ́ọ̀pù kan náà, àwọn méjèèjì lè máa du ọ̀nà mọ́ ara wọn lọ́wọ́, tí ìkankan kò fi ní ṣiṣẹ́ dáadáa.

Báwo ni lẹ́tà tó péye ṣe rí?

Ká mú òṣìṣẹ́ kan tó ń ṣètò owó-oṣù ní ilé-iṣẹ́ kan ní Marina, l'Ékòó, tó sì ń gbé ní Mowe. Ẹni tó bá mọ ojú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn láàárọ̀ ọjọ́ Ajé mọ ohun tí ìrìn àjò yẹn ń gbà lára èèyàn. Ní ìparí oṣù, tí iṣẹ́ pọ̀ jù, ó fẹ́ máa ṣe é láti ilé. Lẹ́tà rẹ̀ lè rí báyìí:

> Sí: Ẹ̀ka Kọ̀ǹpútà
> Láti ọ̀dọ̀: Akọ̀wé owó-oṣù, Ẹ̀ka Ìṣirò Owó
> Ọ̀rọ̀ lórí: VPN fún iṣẹ́ owó-oṣù láti ilé
>
> Ẹ kú iṣẹ́ o.
>
> Mo fẹ́ kí ẹ bá mi ṣí VPN sórí láptọ́ọ̀pù ilé-iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ mi. Orúkọ tó ń jẹ́ ni `ACC-LT-014`.
>
> Iṣẹ́ owó-oṣù ni mo fẹ́ fi ṣe láti ilé mi ní Mowe, láti ọjọ́ 24 sí ọjọ́ 28 oṣù kọ̀ọ̀kan, láàárín aago 7 àárọ̀ sí aago 9 alẹ́. Ohun méjì ni mo nílò: fódà `Payroll`, àti kọ̀ǹpútà orí tábìlì mi ní ọ́fíìsì, èyí tí áàpù ìṣirò owó wà lórí rẹ̀.
>
> Mo fẹ́ kí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹsàn-án, kí ó sì parí ní ọjọ́ 30 oṣù Kọkànlá. Ọ̀gá ẹ̀ka wa ti fọwọ́ sí i, mo sì ti fi lẹ́tà yìí ránṣẹ́ sí wọn pẹ̀lú.
>
> Rọ́tà ni mo ń lò nílé. Àdírẹ́sì tó ń fún láptọ́ọ̀pù mi ni `192.168.1.23`. Bí láptọ́ọ̀pù tàbí fóònù mi bá sọnù, màá pè yín lójú ẹsẹ̀.
>
> Ẹ ṣé o.

Kò gùn. Kò sì sí ẹ̀bẹ̀ nínú rẹ̀, torí kì í ṣe ojúrere ni òṣìṣẹ́ náà ń wá. Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí àwọn ìlà tó ṣe kókó jù níbẹ̀ ń ṣe.

Kí ló dé tí wọ́n ń bèèrè orúkọ láptọ́ọ̀pù?

Torí pé láptọ́ọ̀pù ló ń wọlé, kì í ṣe èèyàn nìkan. Ohun yòówù tó bá wà lórí rẹ̀ ló ń bá a kọjá lẹ́nubodè. Bí ọmọ yín bá fi láptọ́ọ̀pù ilé gba géèmù láti ibi tí kò dára, tí kòkòrò kọ̀ǹpútà sì ti wọ inú rẹ̀, ọjọ́ tí ẹ bá tan VPN ni kòkòrò náà á bẹ̀rẹ̀ sí í rí ẹ̀rọ fáìlì ọ́fíìsì. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ kì í fi VPN sórí láptọ́ọ̀pù tí kì í ṣe tiwọn. Èyí tó jẹ́ tiwọn, wọ́n lè rí i bóyá ó ti gba àtúnṣe tuntun, bóyá ohun tó ń pa kòkòrò ṣì ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, àti bóyá wọ́n ti ti díìsìkì rẹ̀ pa, kí olè tó bá jí i má lè ka nǹkan kan níbẹ̀.

Orúkọ yẹn kò ṣòro wá. Lórí Windows, ẹ tẹ `cmd` síbi tí ẹ ti ń wá nǹkan, kí ẹ ṣí i, kí ẹ wá kọ èyí:

```
hostname
```

Ohun tó bá jáde ni orúkọ náà. Ẹ kọ ọ́ bó ṣe rí gẹ́lẹ́, pẹ̀lú àwọn àmì àárín rẹ̀.

Ṣé VPN kì í ṣí gbogbo ọ́fíìsì ni?

Ó lè ṣí gbogbo rẹ̀, ìyẹn gan-an sì ni wọ́n ń sá fún. Ẹni tó wọ agboolé kò gbọ́dọ̀ lè wọ gbogbo yàrá. Bí òṣìṣẹ́ wa bá kọ pé òun fẹ́ "gbogbo ohun tí mo ń lò ní ọ́fíìsì," ẹnì kan ní ẹ̀ka kọ̀ǹpútà á ní láti máa wá ohun tí ìyẹn jẹ́ kiri. Ṣùgbọ́n bó ṣe dárúkọ fódà kan àti kọ̀ǹpútà kan, wọ́n á ṣí méjèèjì, iṣẹ́ parí. Bí ọwọ́ burúkú bá tẹ àkántì rẹ̀ lọ́la, ohun méjì yẹn náà ni onítọ̀hún á rí.

Ìdí mìíràn tún wà tí mo fi fẹ́ràn bó ṣe bèèrè kọ̀ǹpútà orí tábìlì rẹ̀. Áàpù ìṣirò owó tó ń fi gbogbo àkọsílẹ̀ rẹ̀ sínú fáìlì ńlá kan kò fẹ́ kí wọ́n ṣí òun láti ọ̀nà jíjìn. Bí ẹ bá ṣí fáìlì náà sórí láptọ́ọ̀pù nílé, gbogbo ohun tí ẹ bá tẹ̀ ló ń rìn láti Mowe dé Marina kó tó wọlé. Á máa falẹ̀. Bí iná bá lọ tí rọ́tà sì kú nígbà tí ó ń kọ nǹkan sílẹ̀ lọ́wọ́, fáìlì náà lè bàjẹ́. Ohun tó dára jù ni kí ẹ gba inú VPN lọ sí kọ̀ǹpútà yín ní ọ́fíìsì, kí áàpù máa ṣiṣẹ́ níbẹ̀, kí àwòrán ojú rẹ̀ nìkan máa wá sọ́dọ̀ yín nílé. Lórí Windows, `mstsc` ni wọ́n fi ń ṣí i. Bí íńtánẹ́ẹ̀tì bá já, àwòrán lásán ló lọ. Fáìlì wà níbi tó wà. Bí ẹ bá padà wọlé, ẹ ó bá iṣẹ́ yín ní ibi tí ẹ fi í sí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá pa kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì kó tó lọ sílé kò ní rí nǹkan kan ṣí. Títan ló gbọ́dọ̀ wà, kí wọ́n sì ṣètò rẹ̀ kó má lọ sùn.

Kí ni ọjọ́ ìparí wà fún?

Èyí ni ìlà tí àwọn òṣìṣẹ́ kì í fẹ́ kọ. Wọ́n máa ń rò pé àwọn ń fi ọwọ́ ara wọn gba nǹkan lọ́wọ́ ara wọn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà, torí òun ló mú kí ìlà yìí yé mi jù.

Colonial Pipeline ni ilé-iṣẹ́ tó ń fi páìpù gbé epo láti Texas lọ sí ìhà New York. Ní ọjọ́ 7 oṣù Karùn-ún ọdún 2021, wọ́n rí i pé àwọn ọ̀daràn ti wọ inú kọ̀ǹpútà wọn, wọ́n ti fáìlì pa, wọ́n sì ń bèèrè owó. Ilé-iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ dá páìpù dúró, wọn kò sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í tan án títí di ọjọ́ 12. Àwọn èèyàn tò sí ilé epo ní ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà bí a ṣe máa ń tò níbí nígbà tí epo bá wọ́n. Ilé-iṣẹ́ náà san bítíkọ́ìnì 75 fún àwọn ọ̀daràn náà, tó tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 4.4 dọ́là lásìkò yẹn.

Ní oṣù Kẹfà, ọ̀gá àgbà wọn, Joseph Blount, dúró níwájú àwọn aṣòfin. Ó sọ pé àkántì VPN àtijọ́ kan ni àwọn ọ̀daràn gbà wọlé, èyí tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni ṣì máa lò. Pásíwọ́ọ̀dù nìkan ló ń ṣọ́ ọ. Kò sí kóòdù kejì lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ rí i pé kò sí ẹni tó fọ́ ògiri. Ẹnubodè kan ni wọ́n gbàgbé láti tì. Bí òṣìṣẹ́ wa ṣe kọ ọjọ́ 30 oṣù Kọkànlá sínú lẹ́tà rẹ̀, ẹ̀ka kọ̀ǹpútà lè fi ọjọ́ yẹn sínú ètò kí àkántì náà pa ara rẹ̀, yálà ẹnì kan rántí tàbí wọn kò rántí. Kódà bí òun bá fi iṣẹ́ sílẹ̀ láàárín, tí kò sì sí ẹni tó sọ fún wọn, kò ní pẹ́ púpọ̀ kó tó tì.

Ní Nàìjíríà, ọ̀rọ̀ yìí ní òfin nídìí. Iye owó tí èèyàn ń gbà àti nọ́ńbà àkántì rẹ̀ ní báńkì jẹ́ ohun tí òfin ìdáàbòbò ìsọfúnni ti ọdún 2023 bò. Bí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ bá bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí kò yẹ, tí ó sì lè kó àwọn tó ni ín sí wàhálà, wákàtí 72 ni ilé-iṣẹ́ ní láti sọ fún àjọ tó ń mójú tó o lẹ́yìn tí wọ́n bá ti mọ̀. Kò yẹ kó ya ẹni tó ń ṣètò owó-oṣù gbogbo òṣìṣẹ́ lẹ́nu bí ẹ̀ka kọ̀ǹpútà bá béèrè ìbéèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ju ti ẹni tó kàn ń wo kàlẹ́ńdà ìpàdé lọ.

Kóòdù tí fóònù ń mú jáde ńkọ́?

Yàtọ̀ sí pásíwọ́ọ̀dù, wọ́n lè ní kí ẹ fi áàpù kan sórí fóònù, tí á máa mú nọ́ńbà 6 jáde. Nọ́ńbà náà ń yí padà, lọ́pọ̀ ìgbà ní ìṣẹ́jú-àáyá 30. Òun ni ohun kejì tí àkántì Colonial yẹn kò ní: ẹni tó jí pásíwọ́ọ̀dù yín kò tíì jí fóònù yín. Aago ni áàpù náà fi ń ṣírò, kò nílò dátà. Bí nọ́ńbà tí ẹ tẹ̀ bá ń já sí àṣìṣe ní gbogbo ìgbà, ẹ wo aago fóònù yín bóyá ó ti yẹ̀, kí ẹ jẹ́ kí ó máa ṣètò ara rẹ̀.

Má fi pásíwọ́ọ̀dù tàbí kóòdù sínú lẹ́tà. Bí ẹnì kan bá pè yín pé ẹ̀ka kọ̀ǹpútà ni òun ti ń pè, kí ẹ ka nọ́ńbà 6 yẹn fún òun kí VPN lè ṣí, olè ni. Àwọn tó ń ṣètò VPN kò nílò kóòdù yín fún ohunkóhun.

Wọ́n ti ṣí i, ó ní mo ti wọlé, fódà kò ṣí. Kí ló ń ṣẹlẹ̀?

Ibí yìí ni ìlà tó dárúkọ `192.168.1.23` ti wúlò, ìlà tí ọ̀pọ̀ kì í kọ. Rọ́tà tí a ń rà fún ilé máa ń ti ilé-iṣẹ́ tó ṣe é wá pẹ̀lú àdírẹ́sì, `192.168.1.` sì wọ́pọ̀ gan-an nínú wọn. Bí ẹni tó ṣètò ọ́fíìsì bá lo irú rẹ̀ kan náà, ilé àti ọ́fíìsì á jọ máa jẹ́ orúkọ kan. Láptọ́ọ̀pù yín á wá `192.168.1.10`, tí í ṣe ẹ̀rọ fáìlì ní Marina, ṣùgbọ́n inú pálọ̀ yín ní Mowe ni á ti máa wá a. VPN á máa sọ pé gbogbo nǹkan dára, fódà kò sì ní ṣí.

Bí ẹ ó ṣe mọ̀: kí ẹ tó tan VPN, ẹ lọ sí `cmd`, kí ẹ kọ èyí:

```
ipconfig
```

Ẹ wá ìlà tó sọ pé `IPv4 Address`. Nọ́ńbà tó wà níbẹ̀ ni kí ẹ fi sínú lẹ́tà. Ẹni tó mọ àdírẹ́sì ọ́fíìsì á rí i lójú kan náà bóyá àwọn méjèèjì bára mu. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, àtúnṣe rẹ̀ ni kí wọ́n yí ti rọ́tà ilé padà sí òmíràn, bíi `192.168.77.`, ohun tí wọ́n lè bá yín ṣe kí ọjọ́ 24 tó pé.

Ìṣòro kejì máa ń wáyé ní hòtẹ́ẹ̀lì tàbí ní ibi tí wọ́n ti ń fún èèyàn ní Wáì-fáì ọ̀fẹ́. Gúgù á ṣí, wọ́sáàpù á ṣí, ṣùgbọ́n VPN á kàn máa yí, kò ní wọlé. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹni tó ni Wáì-fáì ti dí ọ̀nà tí VPN yín ń gbà. Ẹ yà á kúrò lórí Wáì-fáì yẹn, kí ẹ lo dátà fóònù yín. Bí ó bá wọlé lójú ẹsẹ̀, ẹ ti mọ ibi tí ẹ̀bi wà. Bí kò bá wọlé síbẹ̀, ẹ ya fọ́tò ohun tó kọ sójú kọ̀ǹpútà, kí ẹ kọ aago tó ṣẹlẹ̀ sí i, kí ẹ fi ránṣẹ́. Aago yẹn ṣe pàtàkì, torí ẹ̀rọ ẹnubodè ní ìwé tó ń kọ gbogbo ẹni tó kan ilẹ̀kùn sí. Bí wọ́n bá mọ aago, wọ́n á rí i bóyá ẹ dé ibẹ̀ rárá, tàbí ẹ dé tí wọ́n sì dá yín padà.

Ṣé ọ́fíìsì á máa rí ohun tí mo ń wò nílé?

Ó wà lọ́wọ́ bí wọ́n ṣe ṣètò rẹ̀. Àwọn kan ṣe é kí iṣẹ́ ọ́fíìsì nìkan gba inú VPN, kí ìyókù máa gba íńtánẹ́ẹ̀tì ilé yín lọ bó ṣe ń lọ tẹ́lẹ̀. Àwọn mìíràn fẹ́ kí gbogbo nǹkan gba ọ́fíìsì. Bó bá jẹ́ ti ìkejì, ọ́fíìsì lè mọ àwọn ojúlé tí ẹ lọ, fíìmù tí ẹ bá sì wò lórí láptọ́ọ̀pù náà á máa jẹ nínú íńtánẹ́ẹ̀tì ọ́fíìsì. Ẹ ní ẹ̀tọ́ láti bèèrè èwo ni tiyín nínú lẹ́tà kan náà, ìlà kan tó o. Èyí tó wù kó jẹ́, fóònù yín tí kò sí VPN lórí rẹ̀ kò sí nínú ọ̀rọ̀ náà. Ẹ sì pa VPN bí iṣẹ́ bá ti parí.

Bí ọjọ́ 30 oṣù Kọkànlá bá pé tí mo ṣì nílò rẹ̀ ńkọ́?

Ẹ kò ní láti bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní bíi ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, ẹ fèsì sórí lẹ́tà àkọ́kọ́ yẹn, kí ẹ sọ ọjọ́ ìparí tuntun, kí ẹ sọ bóyá láptọ́ọ̀pù ti yí padà, kí ọ̀gá yín sì tún fọwọ́ sí i. Bó bá jẹ́ pé fódà kan ti kúrò lára iṣẹ́ yín, ẹ ní kí wọ́n yọ ọ́ nígbà náà.